Ìyá Olómi àti ike òfìfo: àkọsílẹ̀ òwò kan ní Àpẹ̀tẹ̀

Ní Àpẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn, lọ́dún 2024, ni obìnrin kan tó ń ta omi àti mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn àríyá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ike òfìfo jọ, tó sì ń tà á fún yáàdì tó ń kó o ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àtúnlò. Ìyá Olómi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ohun tí n ó sì máa pè é níhìn-ín náà nìyẹn. Èmi ni mò ń bá a kọ ìwé ọjà rẹ̀, torí náà iye tó wọlé àti iye tó jáde wà lọ́wọ́ mi. Owó tí mo dá sínú àkọsílẹ̀ yìí, owó ìgbà náà ni, ní yáàdì tiwọn. Kò sí ìdánilójú pé iye kan náà ni ẹlòmíì máa bá níbòmíràn. Àmọ́ ìwọ̀n ike kì í yí padà bíi towó, orí ìwọ̀n náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ohun tó fà á wọ inú òwò náà kò ṣòroó rí. Ní ọjọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè gba àlejò irínwó. Olúkúlùkù á mu omi ike kan tàbí méjì, wọ́n á tún fi mínírà sí i. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá mọ́, ike á ti kún ilẹ̀ wìtìwìtì, àwọn tó ń gbálẹ̀ á sì máa wá ibi tí wọ́n máa dà á sí. Ilé àríyá méjì mìíràn tún wà nítòsí. Ìyá Olómi gbọ́ pé yáàdì kan lápá Ìwó Ròdù ń ra ike náà ní ₦300 fún kílò kan. Ó bá àwọn agbálẹ̀ sọ ọ́ pé òun á máa fún wọn ní ₦100 fún kílò kan tí wọ́n bá kó jọ fóun, wọ́n sì gbà. Lójú rẹ̀, ₦200 ti di tirẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan.

Ohun ìní tó fi bẹ̀rẹ̀ kò ju àwọn àpò bágíkò àlòkù àti òṣùwọ̀n àgbékọ́ kékeré kan lọ. Ẹ̀yìn ilé ló fi ṣe ibi ìkẹ́rù sí.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ òwò yìí, ó yẹ kó gbé ike omi òfìfo kan lé ọwọ́ kó wo bó ṣe fúyẹ́ tó. Ike omi 50 tàbí 75 sẹ̀ǹtílítà kì í sábà ju gíráàmù 10 sí 20 lọ. Ti mínírà ẹlẹ́rìndòdò máa ń wúwo díẹ̀ ju ti omi lọ, torí ó ní láti dúró de agbára gáàsì inú rẹ̀. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí a sì fi gíráàmù 18 ṣe ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, ike bíi 55 ló ń di kílò kan. Ó wá jẹ́ pé òde àríyá tí irínwó ènìyàn ti jẹ tí wọ́n ti mu, tí wọ́n fi ike 900 sílẹ̀, kílò 16 péré ló wà níbẹ̀. Ní ₦300, kò pé ₦5,000. Ike tó kún gbogbo àgbàlá nìyẹn o.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àpò ńlá 22 ti kún. Bí wọ́n ṣe kó àwọn ike náà wá ni wọ́n ṣe kì wọ́n sínú àpò: ọmọrí wà lórí wọn, afẹ́fẹ́ kún inú wọn. Ó háyà kọ̀rọ̀pẹ́. Àpò 11 ni ọkọ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn pẹ̀lú èyí tí wọ́n so mọ́ orí rẹ̀, nítorí náà ó ní láti lọ ní ìgbà méjì, ₦6,000 sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ní yáàdì, wọ́n gbé àpò 22 náà kọ́ òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kílò 57. Ọmọkùnrin tó ń kọ̀wé níbẹ̀ wo ọmọrí tó wà lórí ike, ó gbọn àpò méjì wò, omi ń ró nínú wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo máa yọ kílò mẹ́jọ fún omi àti ọmọrí." Ìyá Olómi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Kílò 49 ni wọ́n san owó rẹ̀ fún un, ₦14,700. Ó ti san ₦5,700 fún àwọn agbálẹ̀, ó san ₦12,000 fún ọkọ̀. Ó fi ₦3,000 jẹ gbèsè lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Nígbà tó gbé ìwé náà wá, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ní yáàdì. Bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn ò tiẹ̀ yọ kílò kankan, ₦17,100 ni ì bá gbà, ₦17,700 ló sì ná. Kò ní jèrè náà. Ibi tí owó gbà lọ ni inú ọkọ̀. Àpò ńlá tó kún dẹ́nu pẹ̀lú ike tí a kò tẹ̀, kílò méjì ààbọ̀ péré ló wà nínú rẹ̀, ìyókù afẹ́fẹ́ ni. Awakọ̀ kọ̀rọ̀pẹ́ kò bìkítà bóyá àpò wúwo tàbí ó fúyẹ́, àyè tó gbà nínú ọkọ̀ ló ń gbowó lé. Yáàdì ní tiwọn, ìwọ̀n nìkan ni wọ́n ń sanwó lé. Ẹni tó ń ra ike jọ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ń san owó ọkọ̀ afẹ́fẹ́.

Ìdí náà nìyí tí ilé-iṣẹ́ Wecyclers, tí Bilikiss Adébíyìí dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012, fi gbé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù jáde láti máa lọ gba ike lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn. Owó tó wà nínú ike ilé kan ṣoṣo kò tó ohun tí onílé máa fi wọkọ̀ gbé e lọ ta, nítorí náà ẹni tó ń rà á ní láti wá bá a.

Ohun tí Ìyá Olómi kọ́kọ́ yí padà ni bó ṣe ń di ike. Ó gba ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nítòsí rẹ̀ láti máa wá tẹ ike lẹ́yìn iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ yí ọmọrí kúrò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yáàdì nìkan: bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ ike tí ọmọrí ṣì dé pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ta ọmọrí náà jáde bí òkò, ó sì lè ba ojú jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á dorí ike kodò kí omi inú rẹ̀ ro. Omi ṣíbí méjì tó kù nísàlẹ̀ ike dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ gíráàmù mẹ́wàá ni, ó ju ìdajì ìwọ̀n ike náà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ará yáàdì mọ èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti fi omi tàbí iyanrìn sínú ike fún wọn kó lè wúwo. Bí wọ́n bá gbọ́ pé omi ń ró nínú àpò kan, wọ́n á ka gbogbo àpò yòókù sí bákan náà.

Bí omi bá ti ro tán, wọ́n á dá ike náà dùbúlẹ̀, wọ́n á fi bàtà tó nípọn tẹ̀ ẹ́ ní ikùn kó pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ká ìdí rẹ̀ wálẹ̀. Èyí tí wọn kò bá ká ìdí rẹ̀ á tún wú padà díẹ̀ bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àpò tó ń gba kílò méjì ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gba kílò méje ààbọ̀, ìlọ́po mẹ́ta. Ó gba àkókò o. Ẹni tó bá ya akíkanjú lè tẹ bíi mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ike sì jẹ́ iṣẹ́ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá Olómi ń san ₦6,000 fún ọmọbìnrin náà lórí ẹrù kan.

Ohun kejì ni yíyà sọ́tọ̀. Ní yáàdì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní funfun, ìyẹn ike tó mọ́ gara tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, òun ló jẹ́ ₦300. Aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ mìíràn jẹ́ ₦150. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, owó aláwọ̀ ni wọ́n máa san fún gbogbo àpò. Ìdí rẹ̀ ni pé ike funfun lè di òwú tí wọ́n máa pa láró bó ṣe wù wọ́n, tàbí kó tún padà di ike omi, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé kò ní ibi púpọ̀ tó lè lọ. Òwú yẹn náà ni wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí àti tìmùtìmù.

Ọmọrí kì í ṣe irú ike kan náà pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó gé díẹ̀ lára ìgò omi, kó ju ú sínú abọ́ omi pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Ègé ìgò á rì, ọmọrí á léfòó. Ní ilé-iṣẹ́, inú omi náà ni wọ́n ti ń yà wọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ wọ́n wẹ́wẹ́. Ìyá Olómi kò da ọmọrí nù, ó ń kó wọn sínú àpò tiwọn, yáàdì sì ń rà wọ́n pẹ̀lú àwọn ike líle bíi kẹ́ẹ̀gì tó fọ́, abọ́ àti ìgò ìpara, ní ₦150.

Èyí tó ṣòro yà sọ́tọ̀ ni ike kan tó mọ́ gara bíi ti omi ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Díẹ̀ lára ìgò ọṣẹ olómi àti ohun ìpara máa ń jẹ́ irú rẹ̀. Bí ó bá dé inú ẹ̀rọ, kó tó di pé ike omi yọ́, òun á ti jóná, á sì fi àmì dúdú wínníwínní sára gbogbo ọjà. Nítorí rẹ̀ ni yáàdì ṣe lè dá odindi àpò padà. Ìdí ìgò la fi ń dá wọn mọ̀. Ike omi àti mínírà ní ìdodo kékeré kan láàárín ìdí, níbi tí wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí i. Èyí tó máa da ẹrù rú sábà máa ń ní ìlà kan tó gba ìdí rẹ̀ kọjá bí ojú rírán. Bí a bá sì ká a, ibi tí a ká á máa ń funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun pa á. Ìyá Olómi fi ìdodo yẹn kọ́ àwọn agbálẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Kì í gba ìgò òróró, ìgò tí wọ́n ti bu kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò sí, kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ti ilé ìwòsàn wá. Nǹkan mìíràn tún ni pé Awótán, ọ̀kan nínú àwọn ààtàn ńlá tí ìjọba ṣe sí Ìbàdàn, kò jìnnà sí wọn. Àwọn tó ń ṣa ike níbẹ̀ máa ń gbé e wá bá a. Ó ra àpò kan lẹ́ẹ̀kan, kò tún rà mọ́. Ike orí ààtàn ti mu eruku àti ọ̀rá, yáàdì sì ń san owó tó kéré lé e. Ẹni tó ń ṣà á kò jẹ̀bi, ìgò tó bá ti bá ọbẹ̀ àti ìdọ̀tí ilé dùbúlẹ̀ kò lè mọ́ bí èyí tó ti orí tábìlì àríyá wá.

Ẹrù kejì lọ lẹ́yìn tí àpò 22 tún kún, ó sì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ kó tó kún, nítorí àpò ti ń gba púpọ̀. Kílò 165 ni: 140 jẹ́ funfun, 25 jẹ́ aláwọ̀. Funfun mú ₦42,000 wá, aláwọ̀ mú ₦3,750 wá. Ọmọrí kílò 18 mú ₦2,700 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦48,450. Ó san ₦16,500 fún àwọn agbálẹ̀, ₦12,000 fún ọkọ̀, ₦6,000 fún ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́. Ó ku ₦13,950. Ọkọ̀ kan náà, àpò kan náà, ọ̀nà kan náà.

Mi ò ní pe iye yẹn ní owó ńlá. Bí obìnrin yìí kò bá ní òwò omi tó ń tà, kò lè fi ike nìkan bọ́ ilé. Ó wúlò fún un nítorí pé ibi tó jókòó sí ni ọjà náà ti ń wá bá a, kò sì fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ó ṣì dùn ún pé ₦12,000 ń bá ọkọ̀ lọ. Bí a bá pín in sórí kílò 165, ó lé ní ₦70 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó fi jẹ́ pé ₦300 yáàdì ń di nǹkan bí ₦227 kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó bi alájì tó ni yáàdì pé ṣé wọn ò lè wá gbé e nílé ni.

Alájì ní, "Ìyá wa, bí ẹ bá lè kó ìdajì tọ́ọ̀nù jọ, ọkọ̀ mi á wá. Ṣùgbọ́n ₦270 ni mo máa san lẹ́nu ọ̀nà yín."

Ẹni tí kò bá ṣírò á rò pé wọ́n ti já ₦30 gbà lọ́wọ́ òun. Ìyá Olómi ti mọ ₦227 tirẹ̀ báyìí. Ó gbà lójú ẹsẹ̀.

Ìdajì tọ́ọ̀nù jẹ́ kílò 500, àpò bíi 67. Kò lè dá a kó jọ kó má bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oòrùn máa ń mú kí ike gbẹ, kó sì máa pọ́n. Omi òjò ń dúró nínú èyí tí wọn kò tẹ̀ dáadáa, ẹ̀fọn ń yé síbẹ̀. Iná kékeré kan sì tó láti jó gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí onílé fi kọ́kọ́ fárígá pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilé òun. Ó wá fi ọ̀rọ̀ lọ obìnrin méjì mìíràn tó ń ta ọtí àti omi ní àwọn gbọ̀ngàn yòókù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta háyà ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan tí kò ní iná, kálukú ń fi kàlámù kọ orúkọ sára àpò tirẹ̀, wọ́n sì ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ kílò sí bí àpò bá ti ń wọlé.

Ìwé yẹn ló gbà wọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ alájì wá. Òṣùwọ̀n àgbékọ́ tí awakọ̀ gbé wá ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n gbé àpò kan kọ́ ọ, ohun tó fi hàn lé díẹ̀ ní kílò mẹ́fà. Nínú ìwé, méje ààbọ̀ ni. Wọ́n gbé òmíràn kọ́, bákan náà.

Awakọ̀ ní òṣùwọ̀n ilé àwọn obìnrin náà ló ń parọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ èyí tó ń sọ òótọ́? Ìyá Olómi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé páàkì omi ike kan jáde, èyí tí wọn kò tíì tú, ìgò 75 sẹ̀ǹtílítà méjìlá. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ìgò méjìlá jẹ́ lítà mẹ́sàn-án, ìyẹn kílò mẹ́sàn-án. Ike wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ gíráàmù igba ó lé díẹ̀. Páàkì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò mẹ́sàn-án àti díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n èyíkéyìí tó bá pé. Lórí tirẹ̀, 9.2. Lórí ti awakọ̀, 8 géérégé.

Lẹ́yìn náà ó gbé páàkì méjì kọ́ ọ pọ̀. Ibí yìí ni mo ti gbóríyìn fún un, nítorí ọ̀pọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó yẹ kó jẹ́ 18.4, ó fi 17.2 hàn. Ohun tó sọnù kò pọ̀ sí i bí ẹrù ṣe pọ̀ sí i, 1.2 ló ṣì jẹ́. Bó bá jẹ́ pé sípíríǹgì òṣùwọ̀n ló le ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó sọnù á di ìlọ́po méjì. Èyí fi hàn pé ọwọ́ òṣùwọ̀n náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo: ó ti wà lẹ́yìn òdo kó tó di pé wọ́n gbé nǹkan kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni. Ó sún sẹ́yìn tó ìka kan, àwọ̀ tó ti ṣí lójú gíláàsì sì bo ibẹ̀.

Irú àṣìṣe yìí burú fún oníke ju ẹlòmíì lọ. Ẹni tó ń ta irin, tó gbé kílò 50 kọ́ lẹ́ẹ̀kan, 1.2 kò ní dùn ún púpọ̀. Àpò ike kò ju kílò méje ààbọ̀, 1.2 sì ń lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti wọn àpò 67 bẹ́ẹ̀, kílò 80 ni ì bá lọ, ₦21,600. Bóyá awakọ̀ mọ̀ tàbí kò mọ̀, mi ò lè sọ. Ó ní ọkọ̀ ló gbá òṣùwọ̀n náà lójú ọ̀nà. Wọ́n yí bọ́ọ̀tù tó wà lórí rẹ̀ títí ọwọ́ fi padà sí òdo, wọ́n tún gbé páàkì omi kọ́, ó sì fi 9.2 hàn. Láti ìgbà náà, páàkì omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé kọ́ kí wọ́n tó gbé àpò àkọ́kọ́. Wọ́n sì ń so àpò mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó lè jẹ́ pé bí àṣìṣe bá tún wọlé, kò ní pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ti mọ̀ pé ó ń rà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin àti agolo wá. Agolo mọ́ọ̀tì àti bíà dùn ún gbà: owó kílò rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti ike lọ ní yáàdì náà, ó sì ṣeé tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ó fi okùn so ó kọ́rùn. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá fà, irin lásán ni, owó rẹ̀ kéré. Èyí tí kò bá fà ni alumíníọ̀mù, òun ló ń fẹ́. Agolo mílíìkì máa ń fà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fẹ́ fi í ṣeré.

Wáyà bàbà nìkan ni kò gbà. Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan gbé odidi ìká wáyà wá, ó ti jó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò, bàbà ń dán. Owó tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti àpò ike mẹ́wàá lọ. Ìyá Olómi ní, "Ọmọ mi, gbé e padà síbi tó o ti mú u." Kò bi í ní ìbéèrè. Wáyà tuntun tí wọ́n jó, ìdérí gọ́tà, mítà omi, irin ojú irin, irú wọn kì í sọnù láìní olówó, ẹni tó sì rà á ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ń mú nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ẹrù wà. Ó ń kọ orúkọ àti ilé ẹni tó bá ta irin fún un sínú ìwé. Àwọn tí kò fẹ́ kọ orúkọ wọn, wọn ò padà wá mọ́.

Ìgò dígí ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú owó wá fún un. Èyí tó jẹ́ ti kéèsì, tí a ń dá padà fún ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ohun tí à ń fọ́ tà. Ìyókù wúwo, owó rẹ̀ sì kéré. Ìgò ọtí líle tó dára ni àwọn obìnrin tó ń yan ẹ̀pà ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń ki ẹ̀pà sí i, iye ẹyọ ni wọ́n ń fi rà á, kì í ṣe kílò. Ìyá Olómi kì í tà á fún ẹni tí òun kò bá mọ̀, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ọtí náà ń wá irú ìgò bẹ́ẹ̀ kiri.

Ẹrù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ kílò 512 lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá. Lórí funfun nìkan ni ₦270 wà. Aláwọ̀ já wálẹ̀ sí ₦120 lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n pín in, tí wọ́n yọ owó ṣọ́ọ̀bù, èrè Ìyá Olómi lórí kílò kọ̀ọ̀kan ju ti ẹrù kejì lọ, kò sì jókòó nínú kọ̀rọ̀pẹ́ kankan. Ohun tó ṣì ń bá a jà ni pé alájì fẹ́ máa san ìdajì owó lọ́jọ́ tó bá kó ẹrù, kó san ìyókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti sanwó fún òun náà. Bí owó ike tuntun bá sì já wálẹ̀, owó ike àlòkù á já tẹ̀lé e, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ kí ẹrù òun lọ láìgbowó lè bá iye mìíràn pàdé nígbà tó bá padà lọ béèrè. Àwọn obìnrin méjì yòókù ti fẹ́ gbà. Òun kò gbà, ó ní kí alájì máa gbé ìdajì ẹrù tó bá lè san owó rẹ̀, kí ìyókù dúró sínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú di bí mo ṣe ń kọ èyí.